Ìwé Adójútòfò Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mi

Lọ́dún kan, ìwé dé pé owó adójútòfò ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá mi ní ọjà Ganhi ti fi ìdajì lé sí i. Mo ní kí a lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó dínwó.

Ìyá mi ní, “Ka ìwé tiwọn náà. Wọn kì í san owó aṣọ tí omi òjò bá bà jẹ́.”

Ó mú mi lọ bá obìnrin tó jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò wa, ó sì na ìwé náà sí i.

Ìyá mi ní, “Màdáámù, ẹ kọ ọ́ síbí pé a ń ta ọ̀dà, ọ̀dà tó tètè ń gbiná ló sì sọ owó náà di ọ̀wọ́n. A ti ṣíwọ́ ọ̀dà títà.”

Wọ́n wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò, wọ́n sì dín owó náà kù. Ó ṣì fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ìyá mi buwọ́ lù ú. Èmi tí mo lọ yunifásítì kò rí ọ̀dà yẹn nínú ìwé náà rárá.