Àlàfo Ogún Kọ́bọ̀

Lọ́dún tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò jáde ní yunifásítì, mo padà sílé ní Adó. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì méjì. Èrè ibẹ̀ ló fẹ́ fi kan òrùlé ilé rẹ̀ ní Ìgèdè.

Mo ń ṣọ́ iye owó ìpín méjèèjì nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni àlàfo àárín wọn sábà máa ń jẹ́, ìwọ̀n tó fi ń yẹ̀ sì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́rin. Bó bá yẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn lọ, mo ní kí a ta èyí tó wọ́n, kí a fi ra èkejì, títí wọn yóò fi tún sún mọ́ra. Nígbà tó di ogún kọ́bọ̀, tó fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá yẹ̀, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ìwọ̀n náà, Bàbá fọwọ́ sí ìwé, alágbàtà sì bá wa ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, àlàfo náà kò sún. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́tà jábọ́ nínú ìwé orin Bàbá: ilé-iṣẹ́ kejì, èyí tí a ra ìpín rẹ̀, ti fi ìpín kan ta àwọn onípìn-ín lọ́rẹ lórí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí ìpín rẹ̀ fi já láti àádọ́fà kọ́bọ̀ sí ọgọ́rùn-ún. Ìpín ló pọ̀ sí i, kì í ṣe pé owó rẹ̀ di ọ̀pọ̀; àlàfo náà kò ní dín kù mọ́.

“Bàbá, ìgbà wo lèyí dé?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo rò pé o mọ̀. Ṣebí ìwọ lò ń ka ìwé ìròyìn.”

Ó ká lẹ́tà náà padà.

“Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la. Kí ni kí n sọ fún un?”