Iná Bíréèkì Tí Bàbá Kékeré Pa

Ọwọ́ ọ̀tún màmá mi kò ká mọ́. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ àdìrẹ, òun ló fi ń ya ewé àti ẹyẹ sára aṣọ funfun kí ó tó rì í sínú aró. Àwọn ẹbí wa ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi. Kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Pláyà ni wọ́n fi ṣe é, mo sì mọ ẹni tó ní kí wọ́n lò ó.

Nígbà náà mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbarà, inú ilé bàbá mi ní Igbein ni èmi àti màmá mi sì ń gbé. Bàbá mi ti kú. Mo ra ọkọ̀ àlòkù kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Jámánì, ọkọ̀ yẹn ló sì ń gbé màmá mi àti ẹrù aṣọ rẹ̀ lọ sí ọjà Ìtòkú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe tẹ bíréèkì ní ìsàlẹ̀ òkè wa, iná kékeré kan tàn níwájú mi. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tàn.

Mo ṣí ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ta kókó. Wọ́n ki wáyà tín-ín-rín kan bọ inú páàdì bíréèkì. Bí páàdì bá ń jẹ, tó wá ku nǹkan bíi milimítà mẹ́ta àbọ̀, wáyà náà á yọrí síta, á máa kan irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, iná á sì tàn. Páàdì tuntun nípọn ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Iná náà kò wí pé bíréèkì ti tán o. Ohun tó ń wí ni pé ó kù díẹ̀, lọ wá òmíràn. Ó fún èèyàn láyè láti wá páàdì, kò fún un láyè láti rìnrìn àjò.

Àsìkò tí ọjà òkèèrè wọ́n bí ojú ni. Mo ránṣẹ́ sí Èkó fún páàdì, mo sì gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, bá a.

"Tíṣà," ó ní, "gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iná bíréèkì rẹ̀ ń tàn, páàdì rẹ̀ ti ń tán. Bó bá ṣe inú ìlú níhìn-ín ni, ẹ rọra wà á. Ẹ má jẹ́ kó kọjá Ìbarà."

"Ṣé èmi ni o ń kọ́ ní mọ́tò wíwà? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń wà á."

Nílé wa, èèyàn kì í fi kọ́kọ́rọ́ du àbúrò bàbá rẹ̀. Mo fún un. Kò dúró ní Ìbarà. Ó gba Ewékorò kọjá, láàárín àwọn ọkọ̀ akérù tó ń kó sìmẹ́ńtì, níbi tí èèyàn ti ń tẹ bíréèkì ṣáá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi dá a padà.

Lọ́jọ́ tó dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Iná tó ń dà ọ́ láàmú yẹn, mo ti bá ọ tún un ṣe."

"Ẹ ṣeun sà. Ṣé ẹ pààrọ̀ páàdì ni?"

"Mo ní mo ti tún un ṣe! Àbí ìwé ni kí n kọ fún ọ?"

Bí èèyàn bá bi àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kejì, a jẹ́ pé ó ń pè é ní òpùrọ́ nìyẹn. Mo kàn jókòó sínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná náà tàn bó ṣe yẹ kó tàn kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́, nítorí náà gílóòbù rẹ̀ kò jó. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, iná kú. Mo tẹ bíréèkì, kò tàn. Bàbá Kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò mí bí mo ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ó sì rẹ́rìn-ín. "O rí i? Ẹ kú yunifásítì o!"

Lọ́jọ́ tí a gbé aṣọ lọ sọ́jà lẹ́yìn náà, òjò ti rọ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Igbein ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, irin ń họ irin. Mo tẹ bíréèkì dé ilẹ̀. Ọkọ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọ̀ kò dúró, ó fi ọ̀tún forí sọ àpáta tó wà létí gọ́tà. Màmá mi ti na ọwọ́ síwájú kí ó fi gba ara rẹ̀ dúró. Mo gbọ́ ìró egungun náà.

Mẹkáníìkì tú táyà níṣojú mi. Páàdì ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ tán pátápátá, ó ku awo irin ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Páàdì àtijọ́ náà ni, ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó fa wáyà yọ. Wọ́n ti gé e, wọ́n sì fi téèpù dúdú wé orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ wò ó," ó ní. "Wọ́n di àkùkọ lẹ́nu kó má baà kọ. Ṣé ilẹ̀ ò ní mọ́ ni?"

Mo gbé páàdì náà lọ síwájú ẹbí. Mo gbé e kalẹ̀ lórí ẹní, mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún kíláàsì: ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí iná tàn, ibi tí mo ní kí ó mọ, ibi tó dé, wáyà tí wọ́n gé, ìbéèrè tí mo bi í, èsì tó fún mi.

Bàbá Kékeré kò tilẹ̀ wo páàdì. "Iná ló ní ó ń yọ òun lẹ́nu. Ó tàn, kò kú mọ́ nígbà tí mo wà lọ́nà, mo ní kí rìwáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe bá mi pa á. Mo pa iná fún un. Kí ló tún kù?"

"Milimítà mẹ́ta àbọ̀ ló kù, sà! Ẹ lò ó tán, ẹ wá dá ọkọ̀ padà fún mi pé ó ti sàn."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ń pariwo mọ́ mi."

Ìyá àgbà ilé ní ẹ̀mí kò bọ́, kí a dúpẹ́. Ó ní ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́. Mo wo màmá mi, kí ó sọ̀rọ̀ nítorí ọwọ́ tó gbé kọ́ ọrùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ," ó ní.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá Kékeré ní òun ti dárí jì mí.

Àwọn páàdì náà padà dé láti Èkó. Mo ní kí wọ́n fi wọ́n sí i, pẹ̀lú wáyà tuntun. Ọwọ́ màmá mi jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ kò gba ìyẹ́ mú mọ́. Aṣọ kan tí ó ya ẹyẹ sí dé ààbọ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ títí ẹ̀kọ ara rẹ̀ fi gbẹ, tó ń ṣí bí èépá.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí iná náà tó tún tàn. Mò ń gbé màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tẹ bíréèkì ní òkè kan náà, ó tàn fìrí. Màmá mi ló kọ́kọ́ rí i.

"Dúró. Mo fẹ́ sọ̀."

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ṣì ku milimítà mẹ́ta àbọ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì ṣí ilẹ̀kùn.

"Iye tó kù nígbà yẹn náà nìyẹn," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀.