Oore-Ọ̀fẹ́ Ọgọ́ta Ọjọ́

Wọ́n ní Àwòdì mutí gun kirénì, ó ju irin lé èèyàn lórí, ni wọ́n fi ní kó sọ̀ kalẹ̀. Irọ́ ni. Ọkọ àbúrò mi ni, ògiri kan ló wà láàárín yàrá wa, mi ò sì gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì gbọ́, èmi náà sì bá a ṣì í gbọ́.

Kirénì ni ẹ̀rọ alápá gígùn tó ń gbé irin lọ sókè níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé alájà púpọ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti ń wà á. Torí pé òkè ló ń jókòó sí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àwòdì. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń wà á, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Nígbà tí ọjọ́ ìwé tirẹ̀ fẹ́ pé, ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ náà kọjá, kò tiẹ̀ mọ̀.

Lẹ́tà dé. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ ti kú, àmọ́ ó ní ọgọ́ta ọjọ́ oore-ọ̀fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé àwọn ará ọ́fíìsì náà láàánú!" Mo ṣe àmín. Tí oore-ọ̀fẹ́ bá ti bo èèyàn, ṣé ó tún yẹ kó jókòó sílé ni? Ó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń gun kirénì rẹ̀.

Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Lọ́jọ́ kejìdínláàádọ́ta, ọ̀gá tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ wọn ń yẹ ìwé gbogbo wọn wò, ó sì rí i pé ti Àwòdì ti kú. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbàwé. Obìnrin tó wà lójú fèrèsé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá, oore-ọ̀fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe láìṣe ìdánwò la fún yín. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa wà á? Ìwé tó kú, ó kú."

"Ọjọ́ méjìlá ṣì kù," ni àbúrò mi wí.

"Ó kù, mà. Ẹ mú ìwé dókítà wá, ẹ san owó ìtanràn, kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù yìí. Ẹ fara balẹ̀ ka ìbéèrè keje o."

Ìbéèrè keje ní: ṣé o wa kirénì lẹ́yìn tí ìwé rẹ kú? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé tuntun á jáde. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, oore-ọ̀fẹ́ bọ́, èèyàn á ṣe ìdánwò méjì, ti orí ìwé àti ti orí ẹ̀rọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a so ẹrù rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, jàre! Ta ló rí ọ lókè yẹn, àbí ẹyẹ fẹ́ wá jẹ́rìí ni?" Àbúrò mi kúnlẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ gbà, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ìwé tí mò ń buwọ́ lù lójoojúmọ́ tí mo bá gbẹ́rù ńkọ́? Tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á torí irọ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi títí láé," ni Àwòdì wí.

Ó kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ méjì ni àbúrò mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ti orí ẹ̀rọ, ó yege bí ẹni ń ṣeré. Ti orí ìwé ló di wàhálà. Àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́. Ó gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n ní kó dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó tún ṣe é. Nígbà tó tún un ṣe, ó gba méjìdínláàádọ́rin. Ibì kan náà ló ń ṣubú sí. Ìkọ́ àti okùn irin tí wọ́n fi ń so ẹrù ní ìwọ̀n tiwọn, èèyàn gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ẹrù kó tó wo ohun tí kirénì lè gbé. Níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn ló máa ń rò ó pọ̀ kó tó pariwo rẹ̀ sí i lókè. Ọdún méjìlélógún, kò rò ó fúnra rẹ̀ rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn ṣe é. Tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, àtèyí tó yege lórí ẹ̀rọ á wọmi, á padà di ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹlòmíràn ti ń jókòó sórí àga rẹ̀ báyìí. Ọ̀gá wọn ní òun ò lè dúró dè é kọjá ìparí oṣù. Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò.

Ó ti rù. Lọ́sàn-án àná, ó mú ìwé ìbéèrè wá bá mi ní ilé ìdáná, nítorí ẹkún àbúrò mi ò jẹ́ kí wọ́n lè kà á pọ̀. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, mò ń kà á ní ẹyọ ẹyọ bí ọmọ iléèwé. Ìbéèrè mọ́kànlá ló gbà, ó gbàgbé ìkọ́ níbi ìkejìlá. Ó fọwọ́ bojú. Mo ní ká fi í sílẹ̀ títí di ọ̀la. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ tún bi mí, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní."