Ẹni Tí Yóò Gbẹnu Sọ fún Bàbá ní Mẹ́kà

Ìwé kan wà nínú àpótí mi tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, tí n kì í sì í fẹ́ ṣí.

Ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúǹkà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, pinnu láti lọ sí Mẹ́kà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní òun yóò mú ọ̀kan nínú àwa ọmọ dání, ẹni tí yóò máa bá àwọn Lárúbáwá sọ̀rọ̀ fún òun. Oṣù mẹ́rin ló kù. Èmi àti ọmọ àbúrò bàbá mi la jọ ń du ipò náà. Télọ̀ ni àwa méjèèjì ní Bẹẹrẹ. Wákàtí kan péré lẹ́yìn ìrun Àlàásárì la sì ń rí fún ẹ̀kọ́ lóòjọ́.

Èmi lọ sọ́dọ̀ ààfáà kan ní Ọjà'ba. Mo yan Lárúbáwá inú ìwé, èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé tí wọ́n sì fi ń ṣe wáàsí. Àbúrò mi gba Gbági lọ, sí ìsọ̀ Kòráà, oníṣòwò Lárúbáwá tó ń tà wá láṣọ, ó ń kọ́ èyí tí wọ́n ń sọ nínú ilé àti lọ́jà. Bí mo bá ń kọjá tí mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì, àyà mi a máa ta mí bí ẹni tó gbé ata mì. Mo sọ fún un pé èdè alágbàtà ló ń kọ́.

Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ máa ṣe lémọ́ọ̀mù lọ."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá kó wa lọ sí ìsọ̀ náà. Ó ní kí n fi èdè Lárúbáwá tọrọ omi lọ́wọ́ Kòráà. Mo to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ bí ààfáà ti kọ́ mi. Kòráà gbọ́ ọ yékéyéké. Ó fi Yorùbá sọ pé mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú ìjọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn náà ó dá mi lóhùn ní èdè ilé rẹ̀, kíákíá. N kò gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò mi ti rìn sẹ́yìn ìdì aṣọ, níbi tí Kòráà sọ pé omi wà, ó bu omi wá.

Bàbá mu ún tán. "Ìwọ yóò béèrè ọ̀nà fún mi," ni ó wí, "ta ni yóò wá gbọ́ èsì?"

Àbúrò mi ló bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, ó jẹ́wọ́ fún mi pé èdè àwọn ará Mẹ́kà yàtọ̀ sí ti Kòráà, pé ó tó ọjọ́ mélòó kan kí etí òun tó ṣí. Ó ní wáàsí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Àráfà, òun kò mọ ohun tí wọ́n wí. Ó wá na ìwé Lárúbáwá kan sí mi, ó ní kí n máa fi kọ́ òun ní èyí tí ààfáà kọ́ mi.

Mo gba ìwé náà. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ kò pọ̀.