Àwòrán Ayé Tó Gé Òkun Sí Méjì

Inú máa ń bí mi sí ọmọbìnrin yẹn nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti feélì jọ́gíráfì, ó ń múra ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo sì ń kọ́ ọ lọ́sàn-án Sátidé ní ilé ẹ̀kọ́ wa nítòsí Iyana Iyesi. Mo ti sọ fún bàbá rẹ̀, tó ń ta páànù ní Sango, pé orí ọmọ náà le. Bàbá bá ní tí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, kó gbàgbé yunifásítì, ilé iṣẹ́ ni yóò lọ ní Igbesa, kó máa di bisikíìtì sínú páálí.

Kí ni mi ò ṣe tán? Mo ní èèpo ayé pín sí awẹ́ ńláńlá tó ń sún díẹ̀díẹ̀. Níbi tí awẹ́ méjì ti ń ha ara wọn, òkúta á há mọ́ra, á há títí. Ọjọ́ tó bá já, ilẹ̀ á mì. Níbi tí awẹ́ abẹ́ òkun bá ti ń rì sábẹ́ èkejì, omi tó gbé wọlẹ̀ á mú kí òkúta gbígbóná tó wà lórí rẹ̀ yọ́, á sì gba orí òkè ayọnáyèéfín jáde. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń tò sétí awẹ́. Àwa ní Ọ̀tà, a jìnnà sétí awẹ́ tiwa. Etí rẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ̀ oòrùn wà láàárín agbami òkun, kì í ṣe etíkun Èkó.

Gbogbo rẹ̀ ló há sórí. Àmọ́ tí mo bá ní kó ya òrùka iná, ìyẹn ìlà òkè ayọnáyèéfín àti ilẹ̀ mímì tó yí òkun ńlá àárín Jàpáánù àti Amẹ́ríkà ká, ìlà méjì ló máa yà, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìwé, ọ̀kan lápá òsì, á sì kọ ọ́ pé wọn ò bára tan. Ìyà wo rèé! Lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti ń mì lórí àwòrán ayé ara ògiri. Ó sàmì sí wọn tán pé pérépéré, ló bá tún ya ìlà méjì. Mo ju ṣọ́ọ̀kì nù. Mo bi í bóyá ojú rẹ̀ ò ríran ni.

Ó rọra yíjú sí ògiri. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni òrùka náà wà? Mo wá a, mi ò rí i.”

Mo yíjú sí ògiri náà, mo wò ó dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló fún wa ní àwòrán náà. Wọ́n fi Áfíríkà sáàárín bó ṣe wù wá, wọ́n gé òkun ńlá sí méjì, Jàpáánù lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, Amẹ́ríkà lọ sí ti òsì. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ti ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi gan-an ni olóríkunkun!

Mo já a lára ìṣó, mo ká a títí etí méjèèjì fi pàdé. Àmì pupa rẹ̀ so pọ̀, wọ́n yí òkun ká. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

“Sà, ṣé ẹ lè wá ká a báyìí níwájú bàbá mi?”

Ojú tì mí. Mo fi àwòrán náà há abíyá, a jọ wọ mọ́tò lọ sí Sango.