Ẹ̀yìn Ló Ti Ń Ka Ìwé Èrè

Ìyá Bílíọ̀nù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó lówó. Kí oṣù tó parí, ó ti máa ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ayàwòrán. Ṣùgbọ́n òun ló ń kọ ojú ewé tí ìwé ìròyìn wọn fi ń sọ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pa wọlé láàárín ọdún. Bílíọ̀nù kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tó ń ka ojú ewé yẹn kì í ṣe olówó. Telọ̀ ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fi owó díẹ̀ sí. Nítorí wọn ló ṣe fún ara rẹ̀ ní òfin kan. Bí ilé iṣẹ́ bá gbé ìwé ìṣirò ọdún jáde, ẹ̀yìn ló ti ń kà á bọ̀ síwájú. Iwájú ni àwòrán ọ̀gá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín máa ń wà. Ẹ̀yìn, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ni wọ́n ti ń ṣàlàyé bí owó ṣe rìn.

Lọ́jọ́ tí ìwé ilé iṣẹ́ bisikíìtì dé, ó rú òfin náà.

Olóòtú ló fà á. Ó dúró sí i lórí bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Ó ní, "Àwọn ìwé ìròyìn tó ń bá wa díje ti ń tẹ tiwọn. Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ṣáájú wa ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ọ̀gá."

"Ẹ̀yìn kò ní sá lọ. Èrè ni ayé ń béèrè. Èló ni èrè?"

Ó wo ojú ewé àkọ́kọ́. Èrè ọdún tó kọjá, bílíọ̀nù méjì. Èrè ọdún yìí, bílíọ̀nù mẹ́rin. Ó kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta, ó sì fi àkọlé lé e: Èrè ilé iṣẹ́ bisikíìtì di ìlọ́po méjì. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù àwọn èèyàn. Ó lu tábìlì pẹ̀ẹ́.

"Àwa la kọ́kọ́ gbé e jáde! Ìyá Bílíọ̀nù, o káre."

Olóòtú padà sí yàrá rẹ̀. Obìnrin náà fa àga mọ́ tábìlì, ó yí ìwé náà dé ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe yẹ kó ti kà á tẹ́lẹ̀. Kò kà á jìnnà tó fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ilé iṣẹ́ náà ti ta ilé ìkẹ́rù ńlá wọn, ibi tí wọ́n ń kó bisikíìtì pamọ́ sí. Nínú èrè bílíọ̀nù mẹ́rin yẹn, mẹ́ta jẹ́ èrè títà ilé ìkẹ́rù náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí kúrò. Ẹyọ kan péré ni bisikíìtì fúnra rẹ̀ pa. Ó ṣí ibi owó tó wọlé. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo bisikíìtì tí wọ́n tà jẹ́ ogójì bílíọ̀nù. Lọ́dún yìí, mẹ́rìndínlógójì. Ó ṣí ibi gbèsè. Mẹ́wàá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, báńkì sì fẹ́ gba mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí. Owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ méjì.

Irọ́ kọ́ ni ìlà mẹ́ta tó kọ. Èyí gan-an ló ń dùn ún. Èrè di ìlọ́po méjì lóòótọ́, ẹni tó bá sì kà á yóò rò pé ọjà ń tà.

Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, mẹkáníìkì ọkọ̀ akérò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Òun ló sanwó iléèwé rẹ̀ nígbà tí bàbá wọn kú.

"Àbúrò mi! Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìlọ́po méjì! Ọ̀dọ̀ alágbàtà tó ń ta ìpín ilé iṣẹ́ ni mo wà yìí. Owó ìfẹ̀yìntì mi wà lápò, mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín wọn."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Sùúrù bí i ti báwo? Èrò pọ̀ níbí. Gbogbo wa la di fóònù mú, ohun tí o kọ la sì ń kà. Obìnrin kan níwájú mi tún ní òun mọ̀ ẹ́."

"Mi ò tíì ka ẹ̀yìn ìwé náà tán."

"O kọ ọ́, o ò kà á?"

Ó tún wo ìlà mẹ́ta tó kọ.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Sọ ọ́ sí mi létí. Èmi nìkan. Kí n rà á, àbí kí n má rà á?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fojú inú rí obìnrin tó ní òun mọ̀ ọ́n, tó wà níwájú níbẹ̀, tí kò ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ mi ló kó gbogbo yín jọ síbẹ̀. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, gbogbo yín lẹ máa jọ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ ná."

"Èmi ni o ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Èmi?" Fóònù kú.

Ó gbá ìwé náà mú, ó wọ yàrá olóòtú láìkan ilẹ̀kùn. Ó ní ohun tí àwọn gbé jáde gbọ́dọ̀ yí padà báyìí. Olóòtú wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ká sọ fún ayé pé a ṣìṣe? Nítorí pé wọ́n ta ilé? Owó kì í ṣe owó ni?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi telọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ."

"Telọ̀ rẹ tún ti dé! Ọdọọdún ni obìnrin yìí ń jìyà lọ́wọ́ rẹ."

"Gbogbo ohun tí oníbàárà san fún un láàárín ọdún, owó tó wọlé nìyẹn. Ẹ yọ owó òwú, owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná, owó ọmọ iṣẹ́. Ohun tó kù ni èrè. Lọ́dún yìí, àwọn oníbàárà dín kù. Ó wá ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tó máa ṣírò, owó tó kù ju ti èṣí lọ. Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ló gbèrú?"

Olóòtú gba ìwé náà, ó wo iye èrè.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní lè ta ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Báńkì sì ń bọ̀ wá gba owó wọn."

"Báńkì lè sún un síwájú."

"Ó lè sún un. Ìyẹn ni mo fẹ́ bi wọ́n."

Olóòtú na ọwọ́ sí fóònù orí tábìlì. "Pè wọ́n níbí. Bí wọn ò bá fẹnu ara wọn sọ ọ́, mi ò ní yí ohunkóhun padà."

Agbẹnusọ ilé iṣẹ́ bisikíìtì gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà! A rí àkọlé yín. Ọ̀gá wa yọ̀ gan-an ni."

"Ẹ ṣeun. Gbèsè bílíọ̀nù mẹ́sàn-án tí ẹ fẹ́ san láàárín ọdún kan, ṣé báńkì ti gbà láti sún un síwájú?"

Oyin gbẹ. "Àwa àti wọn ń jíròrò, mà. Ó ń lọ dáadáa."

"Ṣé ẹ ti jọ fọwọ́ sí ìwé?"

"A ní ìgbàgbọ́ tó dájú..."

"Ìgbàgbọ́ kọ́ ni mo béèrè, ọ̀gbẹ́ni. Ìwé ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé àwa là ń polówó lójú ewé tó kẹ́yìn ìwé ìròyìn yín, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Olóòtú ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti ojú bọ fèrèsé. Obìnrin náà ò wò ó, kí ó má baà rí ohun tó wà lójú rẹ̀.

"Mo rántí," ló wí. "Wọ́n ti fọwọ́ sí i, àbí wọn ò tíì fọwọ́ sí i?"

Agbẹnusọ mí kanlẹ̀. "Wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n, mà, ẹ dákun, ẹ kọ ọ́ pé a ra ààrò tuntun. Gbèsè yẹn kì í ṣe fàájì la fi ṣe. Bó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bisikíìtì wa máa pọ̀ sí i."

"Ó wà nínú ìwé yín. Màá kọ ọ́."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni olóòtú yí padà, ojú rẹ̀ ti ń tàn. "Ó ti yé mi wàyí! Kọ ọ́ báyìí: Ilé iṣẹ́ bisikíìtì fẹ́ wó!"

"Wọn ò wó, ọ̀gá."

"Gbèsè mẹ́sàn-án, owó méjì!"

"Báńkì lè gbà lọ́la. Bí a bá kọ pé wọ́n ń wó, ẹni tó ń kó ìyẹ̀fun fún wọn yóò ní kí wọ́n sanwó kó tó já ẹrù, wọn yóò sì wó lóòótọ́. Ọgọ́rùn-ún mélòó èèyàn ló ń jẹun níbẹ̀? Ohun tó wà nínú ìwé ni mo fẹ́ kọ. Àṣejù kan wà nílẹ̀ tí a ò tíì tún ṣe tán."

Olóòtú jókòó. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Níbo lo fẹ́ kí àtúnṣe yẹn wà?"

"Ibi tí àṣìṣe wà. Kó tóbi bó ṣe tóbi."

Obìnrin náà padà sí tábìlì rẹ̀. Ó kọ pé: A sọ lówùúrọ̀ yìí pé èrè ilé iṣẹ́ bisikíìtì di ìlọ́po méjì. A ò sọ ibi tó ti wá, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èrè náà wá láti inú ilé ìkẹ́rù tí wọ́n tà. Èyí tí bisikíìtì pa jẹ́ ìdajì ti èṣí. Owó tó wọlé láti inú ọjà dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Gbèsè pọ̀ sí i nítorí ààrò tuntun, èyí tí wọ́n ní yóò mú kí bisikíìtì wọn pọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú gbèsè náà yóò tó san láàárín ọdún kan, owó tó wà nílẹ̀ kò sì tó o. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ń bá báńkì sọ̀rọ̀, wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé.

Lẹ́yìn náà ló fi àpẹẹrẹ telọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Olóòtú kà á, ó kùn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Obìnrin náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò gbé e. Ó tún pè é. Kò gbé e. Ó ń rò ó bí yóò ṣe rí bí ọkùnrin náà bá ti ka gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìlà mẹ́ta tí òun kọ lórí ìkánjú.

Ọ̀sán ti yẹ̀ kí fóònù tó dún.

"Bọ̀dá mi! Níbo lẹ wà? Ṣé ẹ ti sanwó?"

"Bíírò ti wà lọ́wọ́ mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Obìnrin tó ní òun mọ̀ ẹ́ yẹn ló pariwo. Ó ka tuntun náà sókè fún gbogbo wa. Inú bí alágbàtà bí ẹni pé wọ́n jí ilé ìkẹ́rù tiẹ̀ tà."

"Ẹ ò rà á?"

"Mo ra díẹ̀. Díẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá jóná, màá kàn pòṣé ni. Ó lè jẹ́ pé ààrò yẹn máa ṣiṣẹ́." Ó tún ní, "O dójú tì mí lórí fóònù, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, bọ̀dá mi. Ẹ máà bínú."

"Màá bínú títí di àárọ̀ ọ̀la. Mo ní ẹ̀tọ́ sí i." Ìwé ń dún ṣara-ṣara lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo gba ìwé ìṣirò wọn lọ́wọ́ alágbàtà. Gbèsè mẹ́sàn-án yẹn, oṣù wo gan-an ni báńkì fẹ́ gbà á? Mi ò rí i. Ọ̀gá wọn tó ń rẹ́rìn-ín nìkan ni mo ń rí."

"Ẹ yí i dé ẹ̀yìn," ni Ìyá Bílíọ̀nù wí. Ó ṣí tiẹ̀ náà, kí wọ́n lè jọ máa kà á bọ̀.