Ìwé Àna Tí Mo Fi Èébú Dá Lóhùn

Ẹ wọ Ìsẹ́yìn kí ẹ béèrè: ta ló ń hun etù tí wọ́n ń fọ̀ títí tí kò ṣá? Èmi ni. Ta ló jókòó sí ilé ìwé ìjọ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé títí dòní? Èmi náà ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi wọ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá kọ ọ́ sí kì í béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ pín bẹ́ǹṣì ní ẹ̀ẹ̀rùn náà ti kó lọ sí Ṣakí, iṣu ló ń gbìn níbẹ̀. Tí oníṣòwò kan bá ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa, á fi ìwé rán an. Èébú la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé wa, èébú la fi ń parí rẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi á wà láàárín bí ẹran nínú ọbẹ̀.

Lọ́dún yẹn ó kọ̀wé pé: “Ìwọ ọ̀lẹ, ṣé òfì rẹ kò tíì wó? Ọmọ mi ọkùnrin ti rí ọmọ rẹ obìnrin, kò sì jẹun dáadáa mọ́. Bí o bá gbà, jẹ́ kí n mọ̀, kí n gbé iṣu wá. Bí o kò bá gbà, màá wá sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ títí tí ojú á fi tì ọ́.”

Ọmọbìnrin mi ń gbọ́ bí mo ṣe ń kà á. Ó doríkodò, ó ń ran òwú, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n kọ́kọ́ ta aṣọ mi ní Òkèhò kí n tó dáhùn.

Mo ti Òkèhò dé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nínú ilé, ó gbé àyà sókè.

“Mo ti bá ọ dáhùn ìwé Ṣakí. Akọ̀wé kóòtù ló bá mi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.”

“Kí lẹ ní kó kọ, ẹ̀gbọ́n mi?”

Ó ti há ìwé náà sórí bí orin: “Sí Ọ̀gbẹ́ni tí ó níyì jùlọ. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá ni a fi rí ìwé yín gbà. A ó gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Àwa ni ìránṣẹ́ yín.”

“Ẹ ti pa mí!”

“Ọ̀wọ̀ ló pa ọ́?”

“Ẹni tó ń pè mí ní ọ̀lẹ láti kékeré, tí mo wá ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni! Á rò pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.”

Ó ní mo gọ̀. Kò pẹ́ tí èsì fi dé láti Ṣakí: “Sí Ọ̀gbẹ́ni tí ó níyì jùlọ. A rí ìwé yín. A kò ní fi ọmọ wa yọ yín lẹ́nu mọ́. Ire o.”

Ọmọ mi gbé òwú kalẹ̀. “Bàbá, ṣé wọ́n ti kọ̀ mí nìyẹn?”

“Ta ló bí ẹni tó máa kọ̀ ọ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń múra láti padà sọ́dọ̀ akọ̀wé. “Bí wọ́n ti kọ tiwọn le, àwa náà á kọ tiwa le.”

“Líle yẹn, àwa la kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i, òun ló dá a padà. Ìwé tirẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ dáhùn.”

“O kò ní fi èébú gba àna nínú ilé bàbá mi!”

“Bàbá tiwa ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sì máa kọ ọ́.”

Mo jókòó sídìí òfì mi níbi tí gbogbo ilé ti ń wò mí, mo kọ ọ́: “Ìwọ olórí bí ebè iṣu, ta ni ò ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni? Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọ̀wọ̀ bò ọ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí mo wà ní Òkèhò. Mo gbà. Ọmọ mi gbà kí èmi tó gbà. Gbé iṣu wá, má gbé èyí tí òkété ti jẹ.” Oníṣòwò obì kan bá mi mú un lọ.

Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mo gbọ́ ohùn níta: “Ọ̀lẹ dà? Ẹni tí òfì rẹ̀ ń sunkún dà?”

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ dìde. Ọ̀rẹ́ mi wọlé tòun ti àwọn ènìyàn rẹ̀, iṣu wà lórí wọn. Ó ti lanu láti bú mi, ló bá rí ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀.

“Ẹ kú ilé, bàbá wa. A rí ìwé ọ̀wọ̀ yín. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ irú rẹ̀ sí, kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣọ́bọ́lọ́ yìí.”

Ẹ̀gbọ́n mi súre fún un, ó ní kó dìde. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rántí, á ní ìwé tí mo kọ yẹn ta epo sí aṣọ ìdílé wa. Kó máa wí. Ọmọ mi wà ní Ṣakí, ó ń bímọ. Ìwé bàbá ọkọ rẹ̀ tún dé lánàá, ọ̀lẹ ló ṣì ń pè mí níbẹ̀.